Ẹ Má Fi Iṣẹ́ Ọmọ Sé-Ẹ̀mù-Dé Fún Ọmọ Sé-Í: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọmọ Tẹ́ẹ́rẹ́ Tó Fẹ́ Sanra

 Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè bí àwọn ògá sáálì kan nínú. Kí wọ́n má bínú, kí wọ́n kà á dé ìparí ná.

Ẹ ti rí i bí èmi náà ṣe ń rí i. Ọmọkùnrin kan á gbẹ bí igi ìdáná, á ga, apá á rí gbọọrọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Á kó owó jọ, á wọ sáálì, á máa làágùn lójoojúmọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ṣòkòtò rẹ̀ á tún tóbi sí i lára rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn á wá ní bí ìdílé wọn ṣe rí nìyẹn, pé ẹni tí Ọlọ́run dá ní tẹ́ẹ́rẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò kú sí. Èmi kò gbà. Òótọ́ ni pé egungun kì í yí padà, ẹni tí èjìká rẹ̀ kéré kò ní di eléjìká ńlá. Ṣùgbọ́n ẹran ara ń wọlé sára ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ dá, bí iṣẹ́ tí a fún un bá bá a mu. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fún ọmọ yìí ni kò bá a mu.

Kí ni wọ́n ń fún un? Ohun tí ògá sáálì fúnra rẹ̀ ń ṣe ni, tàbí ohun tí ọmọ náà rí nínú pọ́tábù rẹ̀. Ọjọ́ Ajé fún àyà nìkan, ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún apá, Ọjọ́rú fún ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ kẹfà. Lójúmọ́ kan á gbé irin ní oríṣi márùn-ún tàbí mẹ́fà fún ibì kan ṣoṣo lára. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n á yí gbogbo rẹ̀ padà, wọ́n ní ó yẹ kí a máa ya ara lẹ́nu. Bí ọmọ bá jí lọ́jọ́ kejì tí kò lè gbé apá sókè láti fi wẹ̀, wọ́n á ní iṣẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Olùkọ́ ni mí. Bí mo bá gbé ìṣirò ọmọ Sé-Ẹ̀mù-Dé síwájú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Sé-Í, tó bá sunkún, ṣé màá sọ pé ẹkún yẹn fi hàn pé ó ti ń mọ̀wé? Ara tó ń roni kò fi hàn pé ẹran ti wọlé. Ohun tó ń fi hàn ni pé ara bá iṣẹ́ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pàdé. Ẹni tó kọ́kọ́ lọ kórè àgbàdo lẹ́yìn ọdún kan, ara á ro ó, kò sì sanra.

Iṣẹ́ yẹn dára fún ògá sáálì, n kò jiyàn. Ẹni tó ti ń gbé irin fún ọdún mẹ́jọ, iṣan rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ débi pé díẹ̀ kò lè sún un mọ́. Ó ní láti fi ọ̀pọ̀ nǹkan lu àyà yẹn lọ́jọ́ kan, kó sì fún un ní ọjọ́ pípẹ́ kó fi sinmi. Ṣùgbọ́n ti ọmọ tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ díẹ̀ ti tó láti jí iṣan rẹ̀, láàárín ọjọ́ méjì sì ni ó ti múra tán fún òmíràn. Bí a bá wá ní kó dúró ọ̀sẹ̀ kan gbáko kó tó tún fọwọ́ kan àyà, a ti fi ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò. Bí a bá sì ní kó wá sí sáálì lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́sẹ̀, oúnjẹ tí ì bá di ẹran lára rẹ̀ ni a ń dáná sun.

Kí n tó sọ ohun tí mo rò pé ó yẹ, ẹ jẹ́ kí n ya ọmọ méjì sọ́tọ̀. Ọmọ tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ láti kékeré, tó ń jẹun, tó ń sáré, tí ara rẹ̀ dá, òun ni mò ń bá wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó sanra tẹ́lẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rù láìmọ ìdí, tó ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tó ń làágùn lóru, tó ń yàgbẹ́ gbuuru lemọ́lemọ́, tàbí tí òùngbẹ ń gbẹ tó sì ń tọ̀ ṣáá, ilé ìwòsàn ni kó lọ. Irin kò ní wo ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí àtọ̀gbẹ sàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ká pè é ní Àlàbí. Ọmọ ọdún 19 ni, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kan àti sàǹtímítà 78, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kìlò 52. Pẹ̀lú gíga yẹn, àwọn oníṣègùn á ní kìlò rẹ̀ kò tó, nítorí ó yẹ kó wọ̀n tó 59, ó kéré tán.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni Àlàbí máa lọ sí sáálì: ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Ìsinmi wà láàárín wọn, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí kan lọ níbẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì péré ni ó ní, tó ń lò wọ́n ní àrà-ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́: á gbé ọ̀pá irin lé èjìká, á lóṣòó, á dìde. Lẹ́yìn náà á dùbúlẹ̀ lórí àga pẹrẹsẹ, á máa ti irin sókè láti àyà. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa fa irin mọ́ ikùn. Ọjọ́ kejì: á tún lóṣòó pẹ̀lú irin, á dúró ti irin sókè kọjá orí, á sì gbé irin nílẹ̀ dìde dúró. Bí ọjọ́ Ajé bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, Ọjọ́rú á jẹ́ ti kejì, ọjọ́ Ẹtì á padà sí ti àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e á bẹ̀rẹ̀ láti orí ti kejì. Ó parí. Kò sí iṣẹ́ apá nìkan, kò sí iṣẹ́ ikùn nìkan. Ẹni tó ń fa irin mọ́ ikùn, apá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń lóṣòó pẹ̀lú irin lọ́rùn, ibi tí iṣan pọ̀ sí jù lọ lára rẹ̀ ló ń lò, èyíinì itan àti ìdí. Mo mọ̀ pé apá ni àwọn ọmọ wa fẹ́ kó hàn nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n ibi tí ẹran pọ̀ sí ni kìlò ti ń wá.

Nígbà tí ènìyàn bá gbé irin léraléra láìsinmi, séríì kan nìyẹn. Mẹ́ta ni Àlàbí máa ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àfi gbígbé irin nílẹ̀ tó jẹ́ méjì, torí pé ó máa ń dá ẹ̀yìn lágara. Láàárín séríì kan sí èkejì, kó sinmi fún mínítì méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn tó ń kánjú kó lè làágùn, eré sísá ni wọ́n ń ṣe, wọn kò gbé irin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí: báwo ni iṣẹ́ ṣe máa le sí i? Níbí ni púpọ̀ nínú sáálì wa ti ń kùnà. Wọ́n á fún ọmọ ní iṣẹ́, wọn kò ní sọ fún un ohun tó máa fi kún un ní ọjọ́ tó ń bọ̀. Ara kì í kọ́ ẹran tuntun láti ru ẹrù tó ti mọ bí a ṣe ń rù. Ẹni tó gbé kìlò 30 lónìí tó sì ń gbé kìlò 30 lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí ni ara rẹ̀ fẹ́ fi ẹran ṣe?

Fún ìlóṣòó àti gbígbé irin nílẹ̀, Àlàbí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó fúyẹ́. Ká ní ọ̀pá irin lásán tó jẹ́ kìlò 20 ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ìlóṣòó. Á ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, séríì mẹ́ta. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, tí gìgísẹ̀ kò gbéra nílẹ̀, tí ẹ̀yìn kò sì tẹ̀, kó fi kìlò méjì àbọ̀ kún un ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Èyí tí ẹ̀yìn bá tẹ̀ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ kà á. Fún títì irin sókè àti fífa irin, apá kò ní lè gba àfikún kíákíá bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀, iye ni kó kọ́kọ́ fi kún. Á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, á máa lọ sí méje, mẹ́jọ, títí tí séríì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi pé mẹ́wàá mẹ́wàá. Ìgbà yẹn ni á fi ìwọ̀n díẹ̀ kún irin, tí á sì padà sí mẹ́fà.

Ẹnì kan á ní, “Tíṣà, sáálì wa kò ní irin kékeré, kìlò márùn-ún márùn-ún ló kéré jù.” Ẹ mú igò omi oní-lítà kan méjì, ẹ bu omi kún wọn, ẹ fi okùn so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ etí ọ̀pá méjèèjì. Kìlò méjì àti díẹ̀ nìyẹn. Ibi tí wọ́n bá ti ń lo agolo tí wọ́n rọ símẹ́ǹtì sí, ẹ gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ta àgbàdo, kí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára rẹ̀. Ohun tí ẹ kò mọ ìwọ̀n rẹ̀, ẹ kò lè mọ̀ bóyá ẹ ti fi kún un.

Bí ọjọ́ kan bá dé tí mẹ́jọ kò pé, kó má ṣe yí iṣẹ́ padà. Kó tún gbé ìwọ̀n kan náà lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e. Bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, kó yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò, kó sì tún gun òkè náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Gbogbo èyí kò wúlò láìsí káyè. Mo ń sọ̀rọ̀ káyè gidi, káyè ọmọ lékọ̀lù. Apá òsì ni Àlàbí á kọ irin sí: ọjọ́, ìwọ̀n, iye tó ṣe. Apá ọ̀tún ni á kọ kìlò ara rẹ̀ sí. Kó gun òṣùwọ̀n ní òwúrọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀ tán, kó tó jẹun, kó ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kó pín in sí mẹ́ta. Ìdí ni pé omi àti oúnjẹ inú ikùn nìkan lè yí òṣùwọ̀n padà ní kìlò kan láàárín òní sí ọ̀la. Ẹni tó wọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tó wá ń yọ̀ tàbí tó ń sunkún, omi ló ń yọ̀ fún.

Apá méjèèjì káyè yìí ló ń sọ ohun tó yẹ kí a ṣe. Bí irin bá ń gòkè tí kìlò náà sì ń gòkè, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí irin bá ń gòkè ṣùgbọ́n tí kìlò dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ ni kò tó. Ní oṣù àkọ́kọ́, agbára máa ń pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹran wọlé, torí pé ọpọlọ ń kọ́ bí a ṣe ń lo iṣan tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ló ń tan ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹ. Bí kìlò bá ń gòkè tí irin kò gòkè, ọ̀rá ló ń wọlé: bóyá ó ń pa ọjọ́ jẹ, bóyá kì í sùn tó. Bí méjèèjì bá dúró, oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó dé orí oorun.

Ẹ jẹ́ ká wo káyè Àlàbí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, ọjọ́ 12 ni ó fi lọ sí sáálì. Ìlóṣòó rẹ̀ kúrò ní kìlò 20, ó dé 47,5. Ara rẹ̀ kúrò ní 52, ó dé 53,1. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó gbé 50: ó ṣe mẹ́jọ, méje, márùn-ún. Ó tún gbé e: mẹ́jọ, mẹ́jọ, mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀kẹta: mẹ́jọ, méje, mẹ́fà. Ó padà sí 45 ní ọ̀sẹ̀ kẹfà gẹ́gẹ́ bí òfin. Nígbà tó wo apá ọ̀tún, ó rí 53,1, ó tún rí 53,0. Méjèèjì ló dúró.

Níbí ni ògá sáálì á ti sọ pé, “Fi iṣẹ́ kún un, ara rẹ ti mọ èyí lórí.” Ìyẹn gan-an ni yóò ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Wọ́n bi Àlàbí pé kí ló yí padà. Bọ́ọ̀lù ni! Ìdíje àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, oúnjẹ àná ló sì ń jẹ. Kò fi iṣẹ́ kankan kún un. Ó dín bọ́ọ̀lù kù sí ìrọ̀lẹ́ méjì, ó sì fi oúnjẹ díẹ̀ kún ti ojoojúmọ́. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹfà ó ṣe 50 pé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ ara rẹ̀ ti dé 53,8. Ẹni tó ń roko náà, kó fi oko kún ìṣirò rẹ̀. Ní àsìkò ebè kíkọ, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó fún un ní sáálì.

Oúnjẹ wo ni ó fi kún un? Kì í ṣe agolo olówó gọbọi tí wọ́n ya àwòrán apá sí lára. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà sísun tó tó 50 gíráàmù, àti ṣíbí ìmumu kan ti òróró nínú ọbẹ̀. Méjèèjì pọ̀ tó kàlórì 400, bẹ́ẹ̀ ni ikùn kò ní kún fún un. Àṣìṣe ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni pé ó máa ń jẹ ọkà rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan, á yó, á sì gbàgbé oúnjẹ títí di ọjọ́ kejì. Ó máa ń bú pé òun ń jẹun púpọ̀. Kó jẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, kó má fi ebi gbẹ́yìn. Ẹni tí kì í lè jẹun láàárọ̀, kó mu ògì tó ki, tí a po ẹ̀pà lílọ̀ àti wàrà lẹ́búlẹ́bú mọ́: ohun mímu kì í tètè yóni. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, wàgáṣì, kí ọ̀kan nínú wọn wà nínú gbogbo oúnjẹ, torí inú wọn ni ẹran ara ti ń wá. Gàrí àti òróró nìkan á fún un ní agbára láti gbé irin, kò lè kọ́lé láìsí búlọ́kù.

Ìwọ̀n tó yẹ kó máa wá ni bíi ìdá mẹ́rin kìlò sí ìdajì kìlò lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn oṣù àkọ́kọ́, ikùn rẹ̀ ló ń sanra. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, irin kò ní máa gòkè ní gbogbo ọjọ́ mọ́, á di lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn náà á tún falẹ̀ sí i. Ìgbà yẹn ni ọmọ ti jáde ní Sé-Í, tí a lè bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọjọ́ fún un, ní tòótọ́.

Mo mọ̀ pé ìdá mẹ́rin kìlò kò dùn létí. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ta oògùn ìsanra fún wọn lọ́jà. Púpọ̀ nínú rẹ̀, oògùn ìkọlù-ara ni, tó máa ń jẹ́ kí oúnjẹ wu ènìyàn, tó sì ń mú kó sùn ṣáá. Èyí tó burú jù ni dẹ̀sámẹ́tásónì. Ojú á wú, wọ́n á ní ọmọ ti sanra. Omi àti ọ̀rá ni. Oògùn yẹn gan-an ń jẹ iṣan àti egungun bí ènìyàn bá ń lò ó pẹ́, ó ń gbé ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ sókè, ẹni tó bá sì dá a dúró lójijì lẹ́yìn tó ti lò ó pẹ́ lè dákú. Ẹni tó ti ń lò ó, kó lọ bá oníṣègùn kó tó fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin ògá sáálì, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín, ìbéèrè sì ni. Nígbà tí ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ bá tún wọlé tọ̀ yín wá, ẹ bi í pé: “Kí lo gbé lọ́jọ́ tó kọjá, kí ni kìlò rẹ ní ọ̀sẹ̀ yìí?” Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má gbé irin lé e lọ́wọ́ ná. Ẹ rán an lọ ra káyè.